Ìdajì Òye, Máàkì Mélòó?

Ìbéèrè: Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún kejì ní sẹ́kọ́ńdìrì àgbà ní ẹ̀kọ́ nípa ìjọba. A ní kí wọ́n ṣàlàyé iṣẹ́ méjì tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ ń ṣe, máàkì 4. Ọmọ kan kọ ọ́ pé: "Wọ́n ń ṣe òfin fún orílẹ̀-èdè. Wọ́n tún ń yan mínísítà, wọn á pè wọ́n síwájú wọn láti dáhùn ìbéèrè." Mo fún un ní 2, olùkọ́ kejì fún un ní 3, ẹlòmíràn sì ní 1 péré ló tọ́ sí i. Ta ló tọ̀nà nínú wa?

Ìdáhùn: Máàkì 2 ni èmi náà yóò fún un, àmọ́ ó ṣeé ṣe kí ọ̀nà tí mo gbà dé ibẹ̀ yàtọ̀ sí tiyín. Nígbà tí ìbéèrè bá sọ pé kí ọmọ "ṣàlàyé" iṣẹ́ méjì fún máàkì 4, ohun tí ó bójú mu ni pé kí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní máàkì 2: ọ̀kan fún dídárúkọ iṣẹ́ náà, ọ̀kan fún sísọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Gbólóhùn àkọ́kọ́ ọmọ yìí dárúkọ iṣẹ́ náà ó sì dúró síbẹ̀. Kò sọ pé àbádòfin gbọ́dọ̀ kọjá ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà àti ní Ilé Aṣojú-ṣòfin, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ pé Ààrẹ ni yóò buwọ́ lù ú lẹ́yìn náà. Ọ̀kan pàápàá nínú méjèèjì ì bá tó fún máàkì kejì. Nítorí náà, 1 ni gbólóhùn yẹn gbà.

Gbólóhùn kejì ni ìṣòro wà. Abala 147 nínú ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ ọ́ kedere pé Ààrẹ ni ó ń yan mínísítà, àti pé Ilé Aṣòfin Àgbà ni ó ń fọwọ́ sí ẹni tí Ààrẹ bá fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́. Ọmọ náà mọ̀ pé ilé aṣòfin ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ mínísítà, ṣùgbọ́n ó gbé iṣẹ́ Ààrẹ fún wọn. Ẹ kíyè sí i pé nínú ẹ̀kọ́ yìí, ọ̀rọ̀-ìṣe ni ó ń gbé iṣẹ́ náà dúró. Aṣòfin ń ṣe òfin, ẹ̀ka aláṣẹ ń mú un ṣẹ, ilé ẹjọ́ ń túmọ̀ rẹ̀. "Òfin" wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọ̀rọ̀-ìṣe nìkan ni ó sì yà wọ́n sọ́tọ̀. Ọmọ tí ó bá mú ọ̀rọ̀-orúkọ tí ó tọ́, tí ó sì fi ọ̀rọ̀-ìṣe ẹ̀ka mìíràn tì í, kò tíì dárúkọ iṣẹ́ kankan. Nítorí ìdí èyí, "ń yan mínísítà" nìkan kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi.

Ṣùgbọ́n ọmọ yìí kò dúró níbẹ̀. Ó fi kún un pé wọn á pè wọ́n láti dáhùn ìbéèrè, èyí tí í ṣe bí àyẹ̀wò náà ṣe ń lọ gan-an: ẹni tí a fa orúkọ rẹ̀ kalẹ̀ yóò dúró síwájú àwọn aṣòfin àgbà, wọn yóò sì bi í léèrè. Máàkì ìṣàlàyé wọlé, ti ìdárúkọ kò wọlé, 1 sì kún 1 tẹ́lẹ̀. Ó dá mi lójú pé olùkọ́ tí ó fún un ní 3 gbà pé ìṣàlàyé náà tún orúkọ tí ó ṣì kọ ṣe. Ọ̀nà rẹ̀ kò burú, bí ó bá jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni ẹ ṣe kọ ọ́ sínú ìlànà ìmáàkì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Èyí tí ó fún un ní 1 ni mo rò pé ó ṣe é le jù, torí ó jẹ́ kí àṣìṣe ọ̀rọ̀ kan pa òye tí ó hàn gbangba lẹ́yìn rẹ̀.

Ìbéèrè: Bí ọmọ kò bá dárúkọ iṣẹ́ náà rárá, àmọ́ tí ó ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa ńkọ́?

Ìdáhùn: Máàkì 2 ni. Ọmọ tí ó kọ ọ́ pé "Ààrẹ kò lè ná owó ìjọba bó ṣe wù ú, ó gbọ́dọ̀ gbé àbá ìṣúná wá síwájú wọn, wọ́n sì lè dín in kù" ti sọ ohun tí ìkápá owó ìjọba túmọ̀ sí, kódà bí kò mọ orúkọ rẹ̀. Ìṣàlàyé máa ń gbé orúkọ pọ̀, orúkọ kì í gbé ìṣàlàyé. Àyàfi kan ṣoṣo ni pé kí ọmọ ti kọ orúkọ mìíràn tí ó tako ìṣàlàyé náà, bíi ti ọmọ tí ẹ mú wá. Níbẹ̀, a kò lè bá a kọ orúkọ tí òun fúnra rẹ̀ ti kọ̀ sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń dáhùn, gírámà tí kò gún régé kò gbọdọ̀ gba máàkì lọ́wọ́ ọmọ níbí, bí ọ̀rọ̀-ìṣe bá ṣì ṣeé dá mọ̀.

Ìbéèrè: Àwọn kan máa ń kọ iṣẹ́ kan ní ẹ̀ẹ̀mejì, tàbí kí wọ́n fi ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ kún èyí tí ó tọ́.

Ìdáhùn: "Wọ́n ń ṣe òfin, wọ́n ń ṣàtúnṣe òfin" jẹ́ iṣẹ́ kan, nítorí ọ̀nà kan náà ni àbádòfin tuntun àti àbádòfin àtúnṣe ń gbà kọjá. "Wọ́n ń ṣàtúnṣe ìwé òfin orílẹ̀-èdè" yàtọ̀ pátápátá: abala 9 béèrè fún ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé kọ̀ọ̀kan, àti ìfọwọ́sí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ilé aṣòfin ìpínlẹ̀, ìyẹn 24 nínú 36. Ọmọ tí ó bá kọ ọ̀rọ̀ "ìwé òfin orílẹ̀-èdè" síbẹ̀ ti kọ iṣẹ́ kejì. Èyí tí kò kọ ọ́ kò tíì kọ ọ́, ẹ má ṣe bá a kọ ọ́.

Ní ti àfikún tí kò tọ̀nà, ẹ kàn fò ó, àfi tí ó bá ba ohun tí ó ti tọ́ jẹ́. "Wọ́n ń ṣe òfin, Ààrẹ ni olórí wọn" ṣì gba máàkì lórí ìdajì àkọ́kọ́, nítorí ọ̀rọ̀ ta ni olórí kò yí iṣẹ́ náà padà. "Wọ́n ń ṣe òfin, wọ́n sì ń fi í dájọ́ ní kóòtù" ni ó ṣòro, nítorí abala 6 fi agbára ìdájọ́ sí ọwọ́ ilé ẹjọ́. Èmi yóò fún ìdárúkọ ní 1, n kò sì ní fún ìṣàlàyé ní ohunkóhun.

Ìbéèrè: Kí ni a lè ṣe kí èmi àti ẹlẹgbẹ́ mi má baà tún fún ọmọ kan ní iye tí ó yàtọ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ tún ìbéèrè náà kọ: ẹ fi "máàkì 2 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan" síwájú rẹ̀, kí ọmọ mọ gbèsè tí ó wà lọ́rùn òun. Lẹ́yìn náà ẹ fa ìwé ìdáhùn mẹ́wàá yọ, kí ẹ máàkì wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ láì wo iye tí ẹnìkejì fún wọn. Ibi tí ẹ bá ti yàtọ̀, ìlànà ni ó ní àléébù. Ẹ kọ gbólóhùn ọmọ náà gan-an sínú rẹ̀ pẹ̀lú iye tí ẹ fẹnu kò lé lórí. Ẹ máàkì ìbéèrè kan yìí fún gbogbo kíláàsì kí ẹ tó lọ sí òmíràn. Ẹ má sì ṣe fún ẹnikẹ́ni ní ìdajì máàkì: bí ó bá di ìwé ogójì, kò sí ẹni tí ó lè rántí ohun tí ó sọ ọ́ di ìdajì nínú ìwé kẹta. Bí ẹ bá parí, ẹ padà sí ìwé márùn-ún àkọ́kọ́. Bí ẹ bá rí i pé ẹ ti le jù tàbí pé ẹ ti rọ̀ jù sí àwọn tí ó kẹ́yìn, àwọn márùn-ún yẹn ni yóò kọ́kọ́ fi hàn.