Nígbà tí olùkọ́ bá ti rí orúkọ tó wà lórí ìwé

Ìyá kan dá mi dúró lọ́jà Àtàkúmọ̀sà nílùú Iléṣà, lẹ́yìn tí a ti pín èsì sáà kejì fún àwọn ọmọ. Ó kí mi dáadáa, ó bèèrè ará ilé, kó tó sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. "Tíṣà, ẹ má bínú o. Ọmọ mi ní ẹ ò fẹ́ràn òun, pé ìyẹn ni àròkọ òun kò ṣe gba máàkì. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?" Ó ṣe mí bíi kí n ní irọ́ ni, àmọ́ mo rántí pé mi ò tíì yẹ̀ ẹ́ wò rí. Mo ní kí wọ́n fún mi lọ́jọ́ mélòó kan.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì àgbà. Bí WAEC ṣe ń pín máàkì àròkọ làwa náà ń pín in. 50 ni gbogbo rẹ̀: 10 fún kókó ọ̀rọ̀, 10 fún bí ọmọ ṣe to ọ̀rọ̀ rẹ̀, 20 fún ìlò èdè, 10 tó kù fún sípẹ́lì, gírámà àti àwọn àmì bíi kọ́mà. Nínú 10 ìkẹyìn yìí, ìdajì máàkì là ń yọ fún àṣìṣe kọ̀ọ̀kan. Ní kíláàsì tiwa, àṣìṣe kan náà tó bá tún padà yọjú, a kì í kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Mo wá ìwé ọmọ náà jáde, ẹ jẹ́ ká pè é ní Délé. Délé máa ń pẹ́ dé, ó sì ti fún mi lésì kan rí tí kò dùn mọ́ mi nínú. Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé ọmọbìnrin kan tí èmi fúnra mi mọ̀ pé mo fẹ́ràn, ká pè é ní Bọ́lá. Iwájú ni Bọ́lá máa ń jókòó, òun ló sì ń kọ́kọ́ nawọ́ sókè bí mo bá bèèrè nǹkan. Mo ti fún Bọ́lá ní 36, mo fún Délé ní 27.

Mo bẹ olùkọ́ kan tí a jọ wà ní ẹ̀ka kan náà. Ó bá mi da ìwé mẹ́fà kọ, ti àwọn méjèèjì wà lára wọn. Kò tún àṣìṣe kankan ṣe, nọ́ńbà ló sì fi sípò orúkọ. Mo tún gbogbo rẹ̀ máàkì. Nígbà tí a ṣí orúkọ, Bọ́lá gba 31, Délé gba 30. Mẹ́sàn-án tó wà láàárín wọn ti di ẹyọ kan.

Mo fẹ́ mọ ibi tí ìyókù lọ. Mi ò rí ibì kankan tí mo ti mọ̀ọ́mọ̀ ṣojúsàájú. Gègé pupa ló tú àṣírí. Ní ìgbà àkọ́kọ́, àṣìṣe mẹ́fà péré ni mo fàlà sí nídìí nínú ìwé Bọ́lá, mo sì fún un ní 7 nínú 10. Méjìlá ló wà níbẹ̀ ní tòótọ́, 4 ló sì yẹ kó gbà. Èrò rẹ̀ ló ń wọ̀ mí lára, mo kàn ń kà á lọ. Nínú ìwé Délé, mo fàlà sí mẹ́rìnlá, mo fún un ní 3, méjì nínú wọn sì jẹ́ àṣìṣe tí mo ti kà tẹ́lẹ̀. Ọ̀kan ni mo ń kà, èkejì ni mo ń ṣọ́. Lábẹ́ kókó ọ̀rọ̀ àti ìlò èdè, máàkì kan kan ni mo fi gbé Bọ́lá sókè tí mo sì fi rẹ Délé sílẹ̀. Ẹyọ kan ò jọ nǹkan, àfi bí ẹ bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Ìdí nìyí tí ìlànà ìwà olùkọ́ kò fi dúró sórí kí olùkọ́ ní ọkàn rere nìkan. TRCN, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí òfin ọdún 1993 gbé kalẹ̀ láti máa forúkọ olùkọ́ sílẹ̀, ní ìwé ìlànà ìwà fún gbogbo wa. Ó ní ìgbìmọ̀ tó ń wádìí ẹ̀sùn àti ìgbìmọ̀ tó ń dá ẹjọ́, wọ́n sì lè yọ orúkọ olùkọ́ kúrò nínú ìwé. Àmọ́ ẹjọ́ irú tèmi yìí kì í dé ibẹ̀, nítorí ẹni tó ṣe é gan-an kò mọ̀ pé òun ṣe é. Orí tábìlì la ti ń dènà rẹ̀.

Ní báyìí, àwọn ọmọ ń kọ orúkọ sẹ́yìn ìwé, mi ò sì ní yí i padà títí máàkì fi pé. Bí ìbéèrè bá ju ẹyọ kan lọ, mo máa ń máàkì ìbéèrè kìíní fún gbogbo kíláàsì kí n tó kan èkejì, kí ìdáhùn tó dára ní òkè má baà ṣàánú fún èyí tí kò dára nísàlẹ̀. Mo ń da ìwé rú láàárín. Bí mo bá parí, mo ń padà sí márùn-ún àkọ́kọ́, torí ọwọ́ mi máa ń le níbẹ̀rẹ̀ ju ìgbà tó ti rẹ̀ mí lọ. Gbogbo èyí kò lágbára tó bẹ́ẹ̀ bí kíláàsì bá kéré, torí n ó dá ìkọ̀wé àwọn ọmọ mọ̀. Tó bá sì jẹ́ ọmọ olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, tàbí ọmọ tó ń san owó lẹ́sìnnì fún mi nílé, mo ń sọ fún olórí ẹ̀ka ṣáájú, kí ẹlòmíràn máàkì ìwé rẹ̀.

Ti ìwà Délé ńkọ́? Ìwé èsì ní àyè tirẹ̀ fún ìyẹn: títètè dé, ìmọ́tótó, ìbọ̀wọ̀fágbà, a ń fi nọ́ńbà 1 sí 5 díwọ̀n wọn. Ibẹ̀ ni ìpẹ́dé rẹ̀ yẹ kó wà. Ẹni tó bá tìtorí rẹ̀ yọ máàkì nínú àròkọ ti purọ́ fún ẹni tó máa ka èsì náà, nítorí 27 yẹn ń sọ pé ọmọ kò mọ Gẹ̀ẹ́sì kọ.

Àánú náà máa ń ṣi máàkì lọ́nà, èyí ló sì ṣòro fún mi jù. Ọmọbìnrin kan ṣàìwá fún tẹ́ẹ̀sì, ìyá rẹ̀ wà lórí ibùsùn ní ọsibítù. Mo fẹ́ fún un ní ìdajì máàkì kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. Ìtọ́jú tí mo jẹ ẹ́ kì í ṣe ìyẹn. Ohun tó tọ́ ni tẹ́ẹ̀sì mìíràn tó le tó ti àkọ́kọ́, ní ọjọ́ tó bá lè jókòó, kí n sì fi tó olùdámọ̀ràn ilé-ìwé létí pé ọmọ yìí ló ń dá oúnjẹ sè fún àwọn àbúrò. Bí mo bá fún un ní máàkì ọ̀fẹ́, mi ò ní mọ̀ pé kò gbọ́ ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ méjì, ẹnikẹ́ni kò sì ní béèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé.

Ẹ̀yin òbí, bí ọ̀rọ̀ máàkì bá ń dùn yín, ẹ má wulẹ̀ ní kí wọ́n fi kún un. Ẹ ní kí olùkọ́ fi ìwé ọmọ hàn yín pẹ̀lú bó ṣe pín máàkì, ẹ ka àṣìṣe tó fàlà sí, kí ẹ wò ó bóyá òǹkà bára mu. Bí kò bá gbà, ẹ lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé.

Mo sọ ohun tí mo rí fún ọ̀gá wa. A kó gbogbo ìwé kíláàsì náà jọ, olùkọ́ mìíràn tún un máàkì, a sì tún èsì kọ. Mo padà lọ bá ìyá Délé nídìí àtẹ wọn, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, òótọ́ ni ọmọ sọ." Wọ́n fà mí dìde. Wọ́n ní kí n bá àwọn ka ìwé náà sókè, kí àwọn gbọ́ ohun tí ọmọ àwọn kọ.