Láti "ó kọ̀ láti tan án" sí "kò tan án": bí a ṣe ń yọ ìbínú kúrò nínú ìjábọ̀

Ká sọ pé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àwọn ẹlẹ́ja kan ní Ẹ̀pẹ́ ní ilé yìnyín kékeré tí kò jìnnà sí ọjà Olúwo. Iná lọ lóru, jẹnẹrétọ̀ ò ṣiṣẹ́, ilẹ̀ mọ́, ẹja inú páálí mélòó kan sì ti rọ̀. Sítọ́kípà ni yóò kọ ìjábọ̀ sí ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́. Ojú ẹsẹ̀ ló mú bírò, inú rẹ̀ ṣì ń ru, ohun tó sì kọ nìyí:

"Bí ìṣe rẹ̀, ọlọ́dẹ aláìbìkítà yìí kọ̀ láti tan jẹnẹrétọ̀ nígbà tí iná lọ. Ṣe ló sùn lọ fọnfọn. Òun ló ba gbogbo ẹja wa jẹ́. Ìgbà gbogbo la máa ń kìlọ̀ fún un, ṣùgbọ́n etí ikún ló ń kọ sí i. Wọ́n ti gbọ́ nípa ìlẹ̀kùn náà tipẹ́, wọn ò ṣe nǹkan kan sí i."

Kò sí ẹni tí yóò bá a wí pé ó kọ ọ́ báyìí. Ẹja àwọn ìyá tó fọkàn tán an ló rọ̀. Àmọ́ ìgbìmọ̀ tó bá ka ìwé yìí tán kò lè fi ṣe ìpinnu kankan, nítorí wọ́n á mọ bí inú sítọ́kípà ṣe rí láìmọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lóru yẹn. Ohun tí àtúnkọ wà fún ni láti da ìyẹn padà.

Ìbéèrè kan ni a óò máa bi gbolohùn kọ̀ọ̀kan: kí ni ojú rí, kí ni etí gbọ́, kí ni ẹ̀rọ tàbí ìwé kọ sílẹ̀? Ohun tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn ìdáhùn yìí, èrò ọkàn ni. Ní èdè Yorùbá, èrò ọkàn kì í sábà wọlé pẹ̀lú ariwo. Inú ọ̀rọ̀ kéékèèké ló máa ń sá pamọ́ sí.

Ẹ wo "kọ̀". Láàárín "kò tan jẹnẹrétọ̀" àti "ó kọ̀ láti tan jẹnẹrétọ̀", ìró kékeré ló yàtọ̀, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ wọn jìnnà síra. Ẹni tí kò tan án lè má mọ̀ pé iná lọ, ó lè má rọ́nà débẹ̀, dísù sì lè má sí nínú jẹnẹrétọ̀. Ẹni tó kọ̀ ti mọ̀, ó lágbára láti ṣe é, ó sì pinnu pé òun ò ní ṣe é. Láti kọ "ó kọ̀", ó yẹ kí ẹnì kan ti sọ fún ọlọ́dẹ náà pé kó tan án, kó sì ti dáhùn pé òun ò tan. Sítọ́kípà ò sí níbẹ̀ lóru. "Kò tan án" nìkan ni ẹ̀tọ́ rẹ̀.

Ibi tí àtúnkọ ti wúlò jù nìyí, nítorí bí a bá ti fi "kò" rọ́pò "kọ̀", ìbéèrè mìíràn á yọjú fúnra rẹ̀: ṣé ó tilẹ̀ lè tan án? Sítọ́kípà ronú sẹ́yìn, ó sì rí i pé kọ́kọ́rọ́ yàrá jẹnẹrétọ̀ wà nínú àpò òun nígbà tí òun ń lọ sílé ní aago méje alẹ́. Ìbínú ti bo ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ yìí mọ́lẹ̀ nínú ìwé àkọ́kọ́. Kò purọ́, kò sì mọ̀ọ́mọ̀ fi pamọ́. Ọ̀rọ̀ náà "kọ̀" ti dáhùn ìbéèrè kó tó di pé ẹnikẹ́ni bèèrè rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni "ló". "Òun ló ba ẹja jẹ́" ti yan ẹnì kan nínú gbogbo èèyàn, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ okùnfà mìíràn. Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, kò sí bí a ṣe fẹ́ ṣe é láìlo irú gbolohùn bẹ́ẹ̀. Nínú ìjábọ̀, ó yẹ kó mú ifura dání. Yálà "òun ló fà á", "ọwọ́ rẹ̀ ló ti bàjẹ́" tàbí "ìwọra ló bà á jẹ́", ìdájọ́ ni gbogbo wọn. Ọ̀nà tó rọrùn jù láti tú u ni ká pín in sí méjì: ohun tó ṣẹlẹ̀ àti ohun tó tẹ̀lé e, ká sì fi aago sí ìkọ̀ọ̀kan. Iná lọ ní aago báyìí. Ẹ̀rọ tó ń wọn òtútù ka iye báyìí ní aago báyìí. Kí ìgbìmọ̀ fúnra wọn so ó pọ̀.

"Bí ìṣe rẹ̀", "kàn", "ṣe ló" àti "tún" jọra wọn. Ẹ yọ wọ́n kúrò nínú gbolohùn, kí ẹ wò ó bóyá ohun tí ojú rí dín kù. "Ó tún sùn" àti "ó sùn" ń sọ nípa oorun kan náà, àmọ́ "tún" ti mú àwọn òru àtijọ́ wá láìsí ẹ̀rí. Bí àwọn òru àtijọ́ bá wà lóòótọ́, ó yẹ ká dárúkọ wọn. "Ìgbà gbogbo la máa ń kìlọ̀ fún un" á wá di: "Mo bá ọlọ́dẹ sọ̀rọ̀ nípa oorun ní ẹ̀ẹ̀mejì, ní ọjọ́ 9 oṣù tó kọjá àti ọjọ́ 2 oṣù yìí." Ẹ̀ẹ̀mejì tó ní ọjọ́ wúwo ju ìgbà gbogbo lọ fíìfíì. Ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn lè mú ọjọ́ kan ṣoṣo tí kò sùn wá láti fi já "ìgbà gbogbo" nírọ́, ṣùgbọ́n kò lè fi já ọjọ́ 9 àti ọjọ́ 2.

"Aláìbìkítà" kò ní ohun tí a lè fi rọ́pò rẹ̀ ní tààrà. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń wá ọ̀rọ̀ tó rọ̀ díẹ̀, wọ́n á ní "ọlọ́dẹ tí kò fọkàn sí iṣẹ́ tó". Ọ̀rọ̀ ìwà ni ìyẹn náà, aṣọ nìkan ló pààrọ̀. Kí a pa á rẹ́ pátápátá, ká kọ ìṣe tó mú wa pè é bẹ́ẹ̀. Bí a kò bá rí ìṣe kan kọ, a jẹ́ pé a ò ní ohun kankan láti sọ níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó ń fa wàhálà jù fún ẹni tó ń kọ ìjábọ̀ Yorùbá ni "wọ́n". "Wọ́n ti gbọ́ nípa ìlẹ̀kùn náà." Ta ni wọ́n? Ó lè jẹ́ alága tí à ń bọ̀wọ̀ fún, ó lè jẹ́ ìgbìmọ̀ lápapọ̀, ó sì lè jẹ́ ẹnikẹ́ni. "Wọ́n" lè fi ẹ̀sùn kan ogúnlọ́gọ̀ èèyàn láìdárúkọ ẹnì kan, ó sì lè bo ẹni tó jẹ̀bi mọ́lẹ̀. Ipò iṣẹ́ ni kí a kọ: akọ̀wé, alága, ọlọ́dẹ, awakọ̀. Èyí tún yọ wá nínú ìṣòro ọ̀wọ̀, nítorí bí ọlọ́dẹ bá jẹ́ bàbá àgbà, "ó" lè dà bí àrífín, "wọ́n" sì lè dà bí èèyàn púpọ̀. Ẹ máa tún "ọlọ́dẹ" pè. Kò dùn létí bíi ìtàn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó máa ṣì í lóye.

Nígbà tí sítọ́kípà tún un kọ, ó dà báyìí:

"Ọlọ́dẹ sọ pé iná lọ ní nǹkan bí aago 11:40 alẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ẹnikẹ́ni kò tan jẹnẹrétọ̀. Kọ́kọ́rọ́ yàrá jẹnẹrétọ̀ wà lọ́wọ́ mi. Mo ti kúrò níbi iṣẹ́ ní aago 7 alẹ́. Ọlọ́dẹ kò pè mí lórí fóònù. Mo dé ní aago 6:10 òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo bá ọlọ́dẹ lórí bẹ́ǹṣì, ó dijú. Mo pè é ní ẹ̀ẹ̀mẹta kó tó dáhùn. Ẹ̀rọ tó ń wọn òtútù ka −5°C. Ní aago 6 ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ó ka −18°C. Nínú páálí 64, ẹja inú 11 ti rọ̀. Páálí 11 náà wà nítòsí ìlẹ̀kùn. Rọ́bà ẹnu ìlẹ̀kùn ti ya. Mo kọ ìwé nípa rẹ̀ sí akọ̀wé ní ọjọ́ 3 oṣù yìí, n kò tíì rí èsì."

"Gbogbo ẹja wa" ti di 11 nínú 64. Ìlẹ̀kùn tó jẹ́ àfikún ní ìparí ìwé àkọ́kọ́ ti di ọ̀kan lára okùnfà, nítorí ibi tí àwọn páálí náà wà ń tọ́ka sí i. Oorun ọlọ́dẹ ṣì wà níbẹ̀, àìpè rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Kò sí èyí tí a bò mọ́lẹ̀ nínú wọn. Ẹ sì kíyè sí i pé sítọ́kípà kọ "ó dijú", kò kọ "ó ń sùn". Ohun tó rí nìyẹn, ẹ̀ẹ̀mẹta tó pè é ló sì jẹ́ kí òǹkàwé mọ ìyókù.

Àṣìṣe kan wà ní òdìkejì tó burú ju ìbínú lọ. Ẹlòmíràn á gbọ́ pé kí òun má bínú, á wá kọ pé: "Àwọn ìdíwọ́ kan wáyé lóru tó ṣe àkóbá fún ẹrù." Kò bú ẹnikẹ́ni, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò sọ ohunkóhun. Aago ti lọ, kọ́kọ́rọ́ ti lọ, páálí ti lọ. Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá gbolohùn kan ti rọ̀ jù, ká wá ẹni tó ṣe nǹkan nínú rẹ̀. Bí kò bá sí ẹni tó ṣe é, tí kì í sì í ṣe òjò tàbí ẹ̀rọ ló ṣe é, ẹnì kan ń sá pamọ́ sínú gbolohùn náà, ó sì lè jẹ́ ẹni tó kọ ọ́. Ìdí nìyí tí "kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi" fi dára ju "kọ́kọ́rọ́ kò sí ní àrọ́wọ́tó" lọ.

Ọ̀rọ̀ tó gbóná kò gbọ́dọ̀ parẹ́ nígbà tó bá jẹ́ ẹlòmíràn ló sọ ọ́ tó sì kan ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀. Bí ọlọ́dẹ bá dáhùn ní òwúrọ̀ yẹn pé "ṣé èmi ni mo ni ẹja ni?", kí a kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́, sínú àmì àyọlò, pẹ̀lú aago àti orúkọ ipò ẹni tó gbọ́ ọ. Kí a má kọ ọ́ ní "ó fèsì pẹ̀lú ìwà ìgbéraga". Kí a má sì tún un ṣe di "ó sọ pé ẹja kì í ṣe ojúṣe òun", nítorí kò sọ bẹ́ẹ̀.

Èrò sítọ́kípà náà ní àyè tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kó wà ní ìsàlẹ̀, lábẹ́ àkọlé "Àbá", kó má dà pọ̀ mọ́ ìṣẹ̀lẹ̀. Níbẹ̀ ló ti lè kọ pé kí kọ́kọ́rọ́ kejì wà lọ́wọ́ ọlọ́dẹ láti alẹ́ òní, kí wọ́n pààrọ̀ rọ́bà ìlẹ̀kùn kí ẹrù tuntun tó wọlé, kí ìgbìmọ̀ sì gbọ́ tẹnu ọlọ́dẹ nípa ìdí tí kò fi pe òun lórí fóònù.