Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí ẹni tẹ́ ẹ mọ̀ bá yín fi síìfíì dé ọ̀dọ̀ tíìmù kan, ẹ bá a kọ ohun tó máa sọ

Iṣẹ́ mi ni kí n máa bá àwọn iléeṣẹ́ wá òṣìṣẹ́ l'Ékòó níbí, bánkì àti fíntẹ́ẹ̀kì ló pọ̀ jù nínú wọn. Nǹkan tí mo máa ń rí ṣáá ni kí ẹnì kan nínú ọ́fíìsì fọ́wáàdì síìfíì ẹlòmíì sí máníjà kan, kó wá kọ ọ̀rọ̀ kékeré kan sókè ẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi wo eléyìí." Máníjà á ṣí i, á rí ojú ìwé mẹ́ta, kò ní mọ ibi tó yẹ kóun wò, á pa á dé, ó parí. Ẹni tó ni síìfíì yẹn lè mọṣẹ́ dáadáa o, àmọ́ ẹni tó bá a fi ránṣẹ́ ò ní nǹkan kan tó máa sọ nípa ẹ̀, torí kò sẹ́ni tó fún un ní ohun tó máa sọ.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹnì kan. Ká ní ó ti lo ọdún mẹ́rin ní bánkì, níbi tí wọ́n ti ń yanjú wàhálà owó káàdì, irú èyí tí wọ́n ti yọ owó lákáǹtì oníbàárà tán tí POS ọlọ́jà sì ní òun ò rí nǹkan kan. Ó fẹ́ lọ ṣe irú iṣẹ́ yẹn ní fíntẹ́ẹ̀kì kan, ó sì mọ ẹ̀gbọ́n kan níbẹ̀ tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní bánkì tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n tíìmù míì lẹ̀gbọ́n yẹn wà. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ṣe ni pé wọ́n á ju síìfíì sórí Wasáàpù: "Ẹ káàsán sà, ẹ bá mi wò ó bóyá iṣẹ́ wà lọ́dọ̀ yín." Gbogbo iṣẹ́ ti dọrùn ẹ̀gbọ́n nìyẹn, òun ló máa wá tíìmù, òun ló máa wádìí bóyá àyè wà, òun náà ló máa ronú ohun tó máa sọ, bẹ́ẹ̀ òun náà níṣẹ́ tó ń ṣe. Á ní "màá wò ó", kò sì ní rántí mọ́.

Nítorí náà ẹ̀yin lẹ máa wá tíìmù yẹn fúnra yín kẹ́ ẹ tó bá a sọ̀rọ̀. Ẹ lọ sójú ìwé iléeṣẹ́ náà lórí LinkedIn, níbi tí orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ wà, kẹ́ ẹ tẹ `disputes`, `chargeback` tàbí `settlement` síbi ìwákiri, kẹ́ ẹ wo ẹ̀ka tí àwọn tó ń ṣe é sọ pé àwọn wà. Ìdí ni pé iṣẹ́ kan náà yìí, abẹ́ `Operations` ló máa wà níbì kan, ibòmíì á fi sábẹ́ `Finance`, ibòmíì sì rèé, `Risk` ni. Tẹ́ ẹ bá sọ pé "ẹ bá mi fún àwọn Finance" nígbà tó jẹ́ Operations ló ni ín, síìfíì yín á kàn jókòó sínú imeèlì ẹni tí ò kàn ni. Tí wọ́n bá ti gbé iṣẹ́ náà síta, ẹ mú nọ́ńbà ẹ̀ tàbí lińkì ẹ̀ dání.

Ẹ wá béèrè ná, ẹ má tíì fi fáìlì kankan ránṣẹ́. Nǹkan bí èyí:

"Ẹ káàárọ̀ sà, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo rí i pé tíìmù tó ń bójú tó wàhálà owó káàdì lọ́dọ̀ yín ń wá èèyàn kan, lińkì ẹ̀ rèé. Nǹkan tí mò ń ṣe ní bánkì láti ọdún mẹ́rin nìyẹn. Mi ò tíì fi orúkọ sílẹ̀ lórí pọ́tà. Ṣé ẹ mọ máníjà wọn débi tẹ́ ẹ lè fi síìfíì mi hàn án, àbí rìfáràlì inú ilé lẹ máa fẹ́ lò? Tí kò bá rọ̀ yín lọ́rùn, kò sí wàhálà rárá sà, màá gba orí pọ́tà."

Gbólóhùn orí pọ́tà yẹn ṣe pàtàkì ju bó ṣe rí lọ. Ní ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́, ọ̀nà tẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbà wọlé ni kọ̀ǹpútà wọn máa kọ sílẹ̀, tẹ́ ẹ bá ti forúkọ sílẹ̀ fúnra yín, ó ṣeé ṣe kí rìfáràlì ẹ̀gbọ́n, ìyẹn bó ṣe máa fi orúkọ yín sílẹ̀ pé òun ló mú yín wá, má wọlé mọ́, kí owó tí wọ́n máa ń fún ẹni tó mú òṣìṣẹ́ wá náà sì fò ó dá. Tẹ́ ẹ bá ti forúkọ sílẹ̀, ẹ sọ ọ́ jàre, imeèlì yín máa tú àṣírí náà ṣáá ni, ẹ̀gbọ́n ṣì lè sọ fún máníjà pé kó wá orúkọ yín jáde. Ẹ sì jẹ́ kí ọ̀nà wà fún un láti kọ̀. Ó lè mọ̀ pé wọ́n ti ní ẹni tí wọ́n fẹ́ mú, tàbí pé òun àti máníjà yẹn ò rẹ́, kò sì ní lè sọ ìyẹn fún yín.

Tó bá ti gbà, ẹ wá fi imeèlì tuntun ránṣẹ́ sí i, èyí tó lè fọ́wáàdì láì tún ọ̀rọ̀ kankan kọ. Ẹni tí ò mọ̀ yín rí lẹ̀ ń kọ ọ́ sí o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ gbà á, torí náà kò gbọdọ̀ sí "ẹ bá mi kí màmá" nínú ẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà iṣẹ́ náà sórí imeèlì, kẹ́ ẹ wá sọ ní gbólóhùn mẹ́rin tàbí márùn-ún pé mò ń ṣe báyìí ní bánkì, ẹjọ́ bí igba ni mò ń parí lóṣù, èmi ni mo máa ń bá àwọn bánkì kejì fa ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá kọ̀ láti dá owó padà, mo fẹ́ tíìmù yín torí pé ọ̀dọ̀ ọlọ́jà lẹ ti ń wo wàhálà náà, èmi sì mọ bó ṣe rí lọ́dọ̀ oníbàárà, tẹ́ ẹ bá gbà mí, oṣù kan ni mo gbọ́dọ̀ fún bánkì kí n tó kúrò. Ó ti tó. Ohun tí ẹ ń ṣe gan-an ni kẹ́ ẹ kọ o, tí kò bá pé igba, ẹ má kọ igba, wọ́n máa béèrè.

Síìfíì fúnra ẹ̀, PDF ni kó jẹ́, kí orúkọ yín àti iṣẹ́ náà wà lára orúkọ fáìlì, torí `CV_new_final2.pdf` ti pọ̀ jù lórí kọ̀ǹpútà àwọn máníjà. Ẹ yọ ọjọ́ ìbí, ẹ̀sìn, ìpínlẹ̀ tẹ́ ẹ ti wá, NIN àti BVN kúrò. Òótọ́ ni pé òfin ààbò ìsọfúnni ti wà ní Nàìjíríà láti 2023, àmọ́ fáìlì tí wọ́n bá ti fọ́wáàdì, ẹ ò lè mọ ibi tó máa dé.

Nǹkan kan tí àwọn èèyàn kì í rò ni pé kí máníjà tó ka síìfíì, ẹ̀gbọ́n ló máa kọ́kọ́ kọjú sí: "Báwo lẹ ṣe mọ̀ ọ́n?" Ìdáhùn yẹn lè gbé yín wọlé, ó sì lè tì yín síta. Ẹ bá ẹ̀gbọ́n rántí ohun tó fojú ara ẹ̀ rí, bíi "a jọ wà ní tíìmù kan fún ọdún kan ààbọ̀, ìgbà tí ẹjọ́ ATM pọ̀ lẹ́yìn ọdún, èmi ni wọ́n ní kí n kó wọn jọ." Tó bá jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì lẹ ti mọra, tí kò rí iṣẹ́ yín rí, kó sọ bẹ́ẹ̀ gan-an. Máníjà á ṣì ka síìfíì. Ẹni tó bá parọ́ pé òun mọ iṣẹ́ yín, tí wọ́n wá bi í léèrè jìnnà díẹ̀, ọ̀rọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í tàsé, ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa jẹ ẹ́.

Ẹ má fi síìfíì kan náà rán èèyàn mẹ́ta nínú iléeṣẹ́ kan, pàápàá láì sọ fún wọn. Ibi tí imeèlì mẹ́ta yẹn ti máa pàdé ni tábìlì máníjà kan ṣoṣo, ẹ̀gbọ́n kọ̀ọ̀kan á sì rí i pé òun nìkan kọ́ lẹ bẹ̀.

Tó bá ní "mo ti fi ránṣẹ́ o", ẹ dúpẹ́, kẹ́ ẹ wá béèrè bóyá máníjà ló fún tàbí orí kọ̀ǹpútà rìfáràlì ló gbé e sí. Tó bá jẹ́ máníjà nìkan, ẹ bi í bóyá kẹ́ ẹ forúkọ sílẹ̀ lórí pọ́tà náà, torí níbi púpọ̀ wọn ò lè pe ẹni tí kò sí nínú ẹ̀rọ wọn fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, imeèlì tó wà lórí síìfíì sì lẹ máa lò. Tó bá jẹ́ rìfáràlì, lińkì lè wá sínú imeèlì yín pé kẹ́ ẹ parí fọ́ọ̀mù, ẹ wo inú `Spam` lójoojúmọ́, àwọn míì ti pàdánù àǹfààní síbẹ̀ tí wọ́n ń bínú sí ẹni tó ràn wọ́n lọ́wọ́.

Tó bá dákẹ́ lẹ́yìn tó ti gbà, ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀, ẹ rán an létí lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ sọ ọjọ́ tí wọ́n máa ti pọ́tà pa. Tí ọjọ́ yẹn bá ku méjì tí kò sí èsì, ẹ gba orí pọ́tà lọ, kẹ́ ẹ sì fi tó o létí pé ẹ ti ṣe bẹ́ẹ̀.