Lẹ́tà kòtẹ́milọ́rùn sí adójútòfò ìlera: fáìlì ló ń rojọ́

Ohun tó ń bí ènìyàn nínú jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni èrò pé lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ ni lẹ́tà kòtẹ́milọ́rùn. Ilé iṣẹ́ adójútòfò kọ̀, wọn ò sanwó ìtọ́jú, bàbá ọmọ bá jókòó, ó kọ ojú ìwé méjì: ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń yọ owó nínú owó oṣù òun, ọmọ òun fẹ́rẹ̀ẹ́ kú, ẹ ṣàánú wa. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà níwájú dókítà adójútòfò tó ń kà á: ṣé ipò tí aláìsàn wà nígbà náà béèrè ìtọ́jú tí wọ́n ṣe fún un?

Dókítà yẹn kò fojú kan aláìsàn rí. Fọ́ọ̀mù ló rí, orúkọ àìsàn ló sì wà lórí fọ́ọ̀mù: ibà. Orúkọ àìsàn dà bí àpò tí wọ́n kọ "èlùbọ́" sí lára lọ́jà. Láfún, èlùbọ́ ni. Ti iṣu náà, èlùbọ́ ni. Owó wọn kò sì dọ́gba. Ẹni tí kò bá tú ẹnu àpò, kó bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, á san owó láfún fún èlùbọ́ iṣu, ọkàn rẹ̀ á sì balẹ̀ pé òun ò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Iṣẹ́ lẹ́tà yìí ni láti tú ẹnu àpò.

Ká mú ọmọ ọdún 3 kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, kílò 13. Wọ́n gbé e láti Tákìé dé ilé ìwòsàn ní aago 9:20 alẹ́ ọjọ́ Ajé, àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n tó lọ sílé. Èsì adójútòfò kò gùn: ibà lásán ni, oògùn oníhóró ti tó, kò yẹ kí wọ́n dá ọmọ dúró. Gbólóhùn yìí gan-an ni kí lẹ́tà kọ́kọ́ tún kọ bó ṣe wà, torí òun ni lẹ́tà fẹ́ dáhùn.

Lẹ́yìn náà ni kó ṣí fáìlì. Dókítà kọ ọ́ ní 9:35 pé gìrì ti mú ọmọ náà lẹ́ẹ̀mẹta láti àárọ̀, pé kò lè jókòó fúnra rẹ̀, pé ó ń bì gbogbo ohun tó bá mu. Ní aago 10, yàrá àyẹ̀wò rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀jẹ̀. Ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n ń pè ní pí-sí-fí, jẹ́ 14 nínú 100. Nínú ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé, gìrì tó ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ láàárín wákàtí 24 nìkan ti tó láti pe ibà ní ibà líle, àìlèjókòó náà tó bẹ́ẹ̀. Ìlànà kan náà ló ní kí abẹ́rẹ́ átẹ́súnéètì wọ ara ọmọ fún wákàtí 24, ó kéré tán, kó tó gbé oògùn oníhóró mì. Ìwé oògùn sì fi í hàn: mílígíráàmù 39 ní 10:40 alẹ́, 10:40 àárọ̀ ọjọ́ kejì, 10:40 alẹ́. Mílígíráàmù 3 fún kílò kọ̀ọ̀kan ni. Torí ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ 14 yẹn, wọ́n tún fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára lóru ọjọ́ Ajé.

Ìwé nọ́ọ̀sì ló dára jù nínú gbogbo rẹ̀. Dókítà máa ń kọ àkópọ̀ nígbà tí aláìsàn bá ń lọ sílé. Nọ́ọ̀sì ń kọ tirẹ̀ bí nǹkan ṣe ń ṣẹlẹ̀, wákàtí mẹ́rin mẹ́rin, nínú yíǹkì oríṣiríṣi. Ẹni tó ń ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò lè sọ pé torí owó ni wọ́n ṣe kọ ọ́.

Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì yìí náà ló kọ ọ́ ní àárọ̀ Ọjọ́rú pé ọmọ mu ẹ̀kọ tán, ó ń ṣeré. Ẹ má fi ojú ìwé yẹn pamọ́; adójútòfò á béèrè rẹ̀. Kí lẹ́tà sọ ìdí tí ọmọ fi sùn síbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà: dókítà ti kọ ọ́ pé kí wọ́n tún ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ wò ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó sì ti gòkè dé 27. Ká ní kò sí àkọsílẹ̀ yẹn ni, ó sàn kí lẹ́tà yọ̀ǹda owó alẹ́ kan yẹn ju kó ba ìyókù jẹ́.

Bí dókítà bá gbàgbé láti kọ nǹkan, ó lè kọ ìròyìn tuntun, kó fi déètì ọjọ́ tó kọ ọ́ sí i. Kó má ṣe há ọ̀rọ̀ sáàárín ìlà àtijọ́. Ìlà kan tí wọ́n há bẹ́ẹ̀ á jẹ́ kí wọ́n máa fura sí gbogbo fáìlì.

Ẹ̀dà fáìlì kì í ṣe ojúrere. Ìwé Ẹ̀tọ́ Aláìsàn tí wọ́n gbé jáde ní Nàìjíríà lọ́dún 2018 fún aláìsàn lẹ́tọ̀ọ́ láti rí àkọsílẹ̀ ìtọ́jú rẹ̀ lásìkò. Ibi tí ètò yìí kù sí, lójú ẹni tó ń kọ èyí, ni fọ́ọ̀mù tó fàyè sílẹ̀ fún orúkọ àìsàn, tí kò fàyè sílẹ̀ fún bó ṣe le tó. Ìlà kan péré níbẹ̀, "gìrì mẹ́ta, ẹ̀jẹ̀ 14", bàbá ọmọ kì bá tí kọ lẹ́tà kankan.