Ìbéèrè fítámì B1: ẹ kọ́kọ́ wo bó ṣe yá sí

Ìbéèrè kan nìyí tó máa ń mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nínú ìdánwò oúnjẹ aṣaralóore. Ọkùnrin kan ní Iléṣà jẹ ẹ̀kọ púpọ̀ pẹ̀lú ìdin sányán yíyan lálẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù Ògún. Kó tó di àárọ̀, ó ti ń bì, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ẹyinjú ń mì, ó sì ń rìn bí ọ̀mùtí. Ara rẹ̀ kò gbóná, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì pé. Kí ló ṣaláìní: (a) fítámì B12, (b) táyámíìnì, ìyẹn B1, (d) niasíìnì, tàbí (e) áyọ́ọ̀nù?

Púpọ̀ nínú wọn ló ń mú (a), nítorí pé wọ́n rí ẹsẹ̀ tí kò dúró. Ṣùgbọ́n B12 tó wà nípamọ́ nínú ẹ̀dọ̀ lè gbé ènìyàn fún ọdún bíi mélòó kan. Àìsí rẹ̀ kì í dédé gbé ènìyàn lulẹ̀ lóru: díẹ̀díẹ̀ ni ẹsẹ̀ á máa jó gììrìgììrì tàbí kí ó kú tipiri, ẹ̀jẹ̀ pàápàá sì sábà máa ń dín kù. Táyámíìnì inú ara kò ju nǹkan bíi mílígíráàmù 30 lọ, ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ló ń gbà kó tó tán. Ìdí nìyẹn tí àìsàn B1 fi máa ń yára.

Ti niasíìnì rọrùn láti yọ kúrò. Awọ ara á dúdú, á sì máa bó níbi tí oòrùn ń bà, bí ọrùn àti ẹ̀yìn ọwọ́, ìgbẹ́ gbuuru á sì tẹ̀ lé e. Ìbéèrè wa kò sọ̀rọ̀ awọ rárá.

Kí ló dé tó jẹ́ pé lẹ́yìn oúnjẹ ni àìsàn náà ń dé? Táyámíìnì ni ara fi ń sọ ṣúgà inú ẹ̀kọ di agbára. Bí ẹ̀kọ bá pọ̀ tí táyámíìnì kò tó, ọpọlọ, tó gbára lé ṣúgà jù lọ, ló ń kọ́kọ́ jìyà. Nínú ìdin sányán, kòkòrò kan náà tí a ń rí òwú sányán lára rẹ̀, èròjà kan wà tó ń ba táyámíìnì jẹ́. Iná kékeré kì í pa á: níwọ̀n bí 70°C ló ń ṣiṣẹ́ jù. Nítorí náà, ìdin tí wọ́n kàn yan fẹ́rẹ́ ṣì léwu. Àwọn dókítà Wright àti Morley ti kọ nípa àìsàn yìí ní ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà ní 1958; Dókítà Adámọlékùn ló wá so ó mọ́ ìdin yìí ní ọdún 1990 síwájú.

Bí ìdin kò bá sí nínú ìbéèrè, ẹ wá ọtí àmujù, tàbí aboyún tí èébì kò dá. Bí ó bá jẹ́ ẹsẹ̀ wíwú àti ọkàn tí kò ṣiṣẹ́ dáadáa ni wọ́n kọ, B1 náà ni, ìyẹn bẹribẹri olómi. Ìbéèrè tó sábà máa ń tẹ̀ lé e ni pé: kí ni kí a kọ́kọ́ fún un, omi ṣúgà tàbí táyámíìnì? Táyámíìnì ni. Omi ṣúgà nìkan lè jẹ èyí tó ṣẹ́kù tán, kí ọkùnrin náà sì dákú.