Ìpolówó Atọpasẹ̀: Ta Ló Ta Ọjà Yẹn Gan-an?

Ní gáréèjì Ìwó Road, irú agbèrò méjì ló wà. Ọ̀kan á lọ sẹ́bàá títì, á pe ẹni tí kò tíì mọ ọkọ̀ tó fẹ́ wọ̀, á sì bá a gbé ẹrù wá. Èkejì á dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀, á máa kígbe "Ọjọ́ta, Bẹ́gà, wọlé!" sí ẹni tó ti mú owó ọkọ̀ dání, tó sì ti ń gbẹ́sẹ̀ wọlé. Tó bá di ìgbà àtigba owó, orí èrò ni àwọn méjèèjì á kà, ti ẹnu ilẹ̀kùn ló sì máa ń pọ̀ jù.

Ìpolówó atọpasẹ̀ ni èyí tó máa ń tẹ̀lé ẹni tó ti yà sí ṣọ́ọ̀bù kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ wo àdìrẹ kan láàárọ̀, tó bá di alẹ́, àdìrẹ kan náà ti yọjú sí yín lórí Fesibúùkù. Ẹnu ilẹ̀kùn ni ìpolówó yìí dúró sí: ẹni tó ti wo ọjà, tó ti mọ iye rẹ̀, ló ń pè. Ohun tí àyẹ̀wò rẹ̀ ń wá ni iye ọjà tí kì bá tà rárá ká ní ìpolówó náà kò sí. Èyí là ń pè ní títà àfikún.

Ìròyìn inú Ads Manager, ibi tí ẹ ti ń ṣètò ìpolówó Fesibúùkù, kò lè sọ ọ́ fún yín. Bí ẹ bá fi ètò rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà, `7-day click, 1-day view` ni: ẹni tó tẹ ìpolówó tó sì rajà láàárín ọjọ́ méje, tàbí tí ìpolówó kàn kọjá lójú rẹ̀ tó sì rajà láàárín ọjọ́ kan, ìpolówó ni wọ́n máa kọ ọjà náà fún. Irọ́ kọ́ ni ìròyìn náà ń pa. Kò sẹ́ni tó bi í bóyá oníbàárà ì bá rà á bí kò tilẹ̀ rí ìpolówó.

Àwọn kan á ní kí wọ́n pa ìpolówó fún ọ̀sẹ̀ kan, kí wọ́n fi títà ọ̀sẹ̀ náà wé ti èyí tó ṣáájú. Nílùú tí owó oṣù ń wọlé níparí oṣù, tí aṣọ ẹbí ìnáwó kan ṣoṣo sì lè kó ọjà tán nílé láàárín ọjọ́ mẹ́ta, irú ìfiwéra bẹ́ẹ̀ kò já mọ́ nǹkan kan. Àkókò kan náà ni a ó ti wo agbo méjì. Kí ẹ̀rọ ṣẹ́ kèké fún gbogbo ẹni tó bá wọlé: agbo A á máa rí ìpolówó atọpasẹ̀, agbo B kò ní rí i. Ìlà díẹ̀ yìí tó lójú ìwé ṣọ́ọ̀bù, bí Meta Pixel, àmì tí Fesibúùkù fi ń mọ àlejò, bá ti wà níbẹ̀:

```
let n = localStorage.getItem('agbo');
if (n === null) {
  n = Math.floor(Math.random() * 100);
  localStorage.setItem('agbo', n);
}
fbq('trackCustom', n < 50 ? 'AgboA' : 'AgboB');
```

Nínú Ads Manager, ẹ fi AgboA ṣe àwọn tí ìpolówó náà ń lọ bá, kí ẹ sì yọ AgboB kúrò nínú rẹ̀. Àwọn ìpolówó yín yòókù gbọ́dọ̀ rí bákan náà fún agbo méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Ká ní ṣọ́ọ̀bù aláṣọ kan ní Gbági gba 20,000 àlejò lójú ìwé rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, 10,000 bọ́ sí agbo kọ̀ọ̀kan. Ó ná ₦600,000 lórí ìpolówó atọpasẹ̀, èrè rẹ̀ lórí aṣọ kan sì jẹ́ ₦6,000. Ads Manager ní ìpolówó ta aṣọ 300, ìyẹn ₦2,000 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọjà ti dáa nìyẹn.

Nígbà tí wọ́n ṣí ìwé títà fúnra rẹ̀, agbo A ra 420, agbo B tí kò rí ìpolówó atọpasẹ̀ ra 360. Títà àfikún jẹ́ 60. Ẹ fi 60 pín ₦600,000: ₦10,000 ni ṣọ́ọ̀bù ná kó tó rí èrè ₦6,000.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú rèé. Nínú agbo A, ká ní 6,000 péré ló rí ìpolówó náà, tí 330 nínú wọn rajà, nígbà tí 90 rajà nínú 4,000 tí kò rí i. Ẹni tó bá fi 330 wé 90 á pariwo pé ìpolówó ṣiṣẹ́ gidigidi. Àmọ́ ẹni tó ń lo fóònù rẹ̀ lójoojúmọ́ tó sì ń wo aṣọ kiri ni ìpolówó tètè máa ń bá pàdé, òun náà ló sì ti múra àtirà. Nítorí náà, odindi agbo A ni ká fi wé odindi agbo B, ẹni tó rí i àti ẹni tí kò rí i.

Ṣé 60 yìí dúró, àbí oríire lásán ni? Bí agbo méjèèjì bá dọ́gba, ọ̀nà kúkúrú kan wà: ẹ ro 420 pọ̀ mọ́ 360, ẹ tẹ √ lórí kakulétọ̀, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. 780 á fún yín ní 28, ìlọ́po rẹ̀ á di 56. Ẹ yọ 56 kúrò lára 60, ẹ sì tún fi kún un: títà àfikún gidi lè wà níbikíbi láti 4 sí 116. Ó jọ pé ìpolówó náà tà nǹkan kan, ṣùgbọ́n àfi tó bá tó 100 ni owó rẹ̀ fi padà. Ṣọ́ọ̀bù tó ń ta aṣọ 20 lóṣù kò lè fi ọ̀nà yìí mọ ohunkóhun. Kó jẹ́ kó pẹ́ fún oṣù mélòó kan.

Kí àyẹ̀wò tó bẹ̀rẹ̀, ẹ pinnu bí ẹ ó ṣe pín àwọn oníbàárà sí ìsọ̀rí, kó má di pé ẹ ń ṣà á títí ẹ ó fi rí èyí tó wù yín. Nínú àpẹẹrẹ wa, àwọn tó ti kó aṣọ sínú apẹ̀rẹ̀ ìrajà ra 250 ní A àti 240 ní B, ₦350,000 sì bá wọn lọ. Aṣọ mẹ́wàá fún gbogbo owó yẹn, ó sì lè máà tó mẹ́wàá. Àwọn tó kàn wò tí wọ́n jáde ra 170 ní A, 120 ní B: àfikún 50 lórí ₦250,000, ìyẹn ₦5,000 lórí aṣọ kan. Ti àkọ́kọ́ ni agbèrò ẹnu ilẹ̀kùn. Owó rẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ gé, kí wọ́n wá tún àyẹ̀wò ṣe lórí ìsọ̀rí kejì, nítorí √ fún 290 jẹ́ 17, àfikún náà sì lè wà láti 16 sí 84.

Kí ẹ tó gba nọ́ńbà kankan gbọ́, ẹ ka iye èèyàn agbo méjèèjì. 10,050 àti 9,950 kò burú. Bó bá jẹ́ 10,400 sí 9,600, ìpín náà ti bàjẹ́ níbì kan, ẹ dá a dúró. Ẹ ṣọ́ àwọn ìpolówó tí ẹ̀rọ ń fúnra rẹ̀ wá oníbàárà fún pẹ̀lú. Wọ́n lè máa tọpasẹ̀ agbo B láìjẹ́ pé ẹ mọ̀, ìyàtọ̀ á sì pòórá. Ẹ yọ gbogbo àlejò àtijọ́, A àti B, kúrò nínú wọn títí àyẹ̀wò á fi parí.

Ẹni tó ní fóònù méjì lè bọ́ sí agbo méjèèjì. Safari orí iPhone náà a máa nu irú àmì yìí nù bí ẹni náà bá lo ọjọ́ méje láì padà sí ṣọ́ọ̀bù, yóò sì tún kèké ṣẹ́ fún un nígbà tó bá dé. Irú àdàlù yìí máa ń mú kí àfikún kéré ju bó ṣe rí lọ.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù nílẹ̀ yìí ni pé ojú ìwé ni oníbàárà ti ń wo ọjà, Wasáàpù ló ti ń ná an, tiransífà ló sì fi ń san owó. Bí àkọsílẹ̀ bá parí sójú ìwé, irú títà bẹ́ẹ̀ kò sí nínú agbo kankan. Ẹ jẹ́ kí bọ́tìnnì Wasáàpù fi nọ́ńbà `n` náà sínú ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí oníbàárà máa fi ránṣẹ́, bíi "Ẹ kú ọjà o, 37". Ẹni tó ń dá wọn lóhùn á kọ 37 sẹ́gbẹ̀ẹ́ owó tó wọlé. Èyíkéyìí tí kò bá tó 50, agbo A ni.