Ẹ gbé síbí yẹn sílẹ̀ o, ẹni tí wárápá gbé ò lè gbé ahọ́n ẹ̀ mì

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ná. Èmi náà ti fi síbí kán eyín ọmọ ọlọ́mọ rí.

Òwúrọ̀ Mọ́ńdè kan ni, n'Ìbàdàn níbí, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ásẹ́ńbílì wọlé, ọmọbìnrin kan ní Praimárì 5 tí mò ń kọ́ ṣàdédé ké lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ara ẹ̀ le gbagidi bíi pákó, ó ṣubú sáàárín bẹ́ǹṣì méjì. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ ó ti ń gbọ̀n jìgìjìgì, ẹnu ẹ̀ ń hó bí ọṣẹ. Ariwo ta. Ẹnìkan ní ká má fọwọ́ kàn án, pé itọ́ ẹ̀ máa ràn wá, tíṣà kíláàsì kejì ń pariwo pé "Ẹ mú síbí wá, ẹ mú síbí wá, ó máa gbé ahọ́n ẹ̀ mì!" Èmi ni mo fa síbí yọ látinú fúláàsì oúnjẹ mi, mo fi tipátipá tì í bọ ẹnu ọmọ yẹn, ni mo bá gbọ́ "kà". Eyín iwájú kan ti kán, ẹ̀jẹ̀ gba ẹnu ẹ̀, àwa kan tún wá dúró tí à ń sọ pé ẹ ò rí i bí àìsàn yìí ṣe burú tó.

Ìyá ẹ̀ ò bá mi jà nígbà tó dé. Ó kàn wo ẹnu ọmọ ẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin tíṣà, látìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún 6 ló ti ń gbé e, kò kán eyín rí."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ́ kí n lọ wádìí. Ẹ lọ síwájú dígí, ẹ la ẹnu, ẹ gbé ahọ́n yín sókè. Ẹ máa rí ẹran tẹ́ẹ́rẹ́ kan bí okùn lábẹ́ ẹ̀ tó so ó mọ́ ìsàlẹ̀ ẹnu, gbòǹgbò ahọ́n fúnra ẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ egungun àgbọ̀n. Kò síbi tó fẹ́ gbà dé ikùn, wárápá ò wárápá. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé èèyàn lè gé ẹ̀gbẹ́ ahọ́n ẹ̀ jẹ, àmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ni, nígbà tí àgbọ̀n bá kọ́kọ́ pa dé, kẹ́ ẹ tó rí síbí mú ó ti gé e jẹ tán, ó sì máa ń jiná. Àgbọ̀n yẹn kì í ṣe nǹkan tí èèyàn ń fọwọ́ ṣí. Tẹ́ ẹ bá fi síbí sí i, eyín lá kán, èérún eyín sì lè gba ọ̀nà ọ̀fun bọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Tẹ́ ẹ bá wá fi ìka yín sí i, ẹ máa gbọ́ tara yín.

Ohun tó ń ṣẹ̀rù bani jù ni ọ̀fun tó ń dún hùn-ùn-hùn àti ètè tó ń dúdú, àwa rò pé ahọ́n ló dí i. Kì í ṣe ahọ́n. Gbogbo iṣan ara ló le pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tàyà náà wà níbẹ̀, èémí ò rọ́nà lọ dáadáa fúngbà díẹ̀, tí gbígbọ̀n yẹn bá ti dáwọ́ dúró á máa mí padà. Igbe ìbẹ̀rẹ̀ yẹn náà, afẹ́fẹ́ ni àyà tó le fún jáde, kì í ṣe ìrora, kì í ṣe iwin.

Itọ́ tó ń hó ńkọ́? Ẹni tó ń gbọ̀n ò lè gbé itọ́ mì, ó ń gbára jọ sẹ́nu, èémí ń fẹ́ ẹ, ó wá ń hó. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wárápá kì í ṣe kòkòrò, inú ọpọlọ ló ti ń wá, bí ìgbà tí iná ẹ̀ bá tàn wàràwàrà lódì. Ẹ lè fọwọ́ nu itọ́ yẹn láti òní títí di ọdún tó ń bọ̀, kò lè ràn yín.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn, ó tún gbé e nínú kíláàsì mi. Lọ́tẹ̀ yìí fóònù ni mo kọ́kọ́ wò: 8:14. Mo ní kí àwọn ọmọ jáde lọ sábẹ́ máńgòrò, mo wọ́ bẹ́ǹṣì kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀, mo ká kádígáànì mi sábẹ́ orí ẹ̀, mo tú bọ́tìnnì ọrùn ẹ̀. Mi ò dì í mú, torí ẹni tẹ́ ẹ bá dì mú kò ní tìtorí ẹ̀ dá gbígbọ̀n dúró, apá ló lè yẹ̀. Mo kàn jókòó tì í. Ó ṣe mí bíi wákàtí kan, ká má parọ́. Nígbà tí ara ẹ̀ rọ̀, 8:16 ni fóònù wí.

Ibi tí ara ti rọ̀ yìí gan-an la ti nílò ọwọ́ èèyàn, torí tó bá fẹ̀yìn lélẹ̀ bẹ́ẹ̀, tó dojú kọ òkè, ahọ́n tó ti rọ̀ àti itọ́ lè rọ́ sẹ́yìn dí ọ̀nà èémí. Mo na apá ẹ̀ tó wà lọ́dọ̀ mi síta, mo gbé ọwọ́ kejì sábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀, mo ká orúnkún tó wà lódìkejì sókè, mo wá fi orúnkún yẹn fà á sọ́dọ̀ mi, ló bá fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Mo dá orí ẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, mo kọ ẹnu ẹ̀ sílẹ̀. Itọ́ ṣàn jáde, èémí já geere. Ó ti tọ̀ sára, mo fi ìró bò ó kí àwọn ọmọ tó padà wọlé.

Ẹnìkan gbé omi dé, mo ní kó gbé e dúró. Ẹni tí ojú ẹ̀ ò tíì wálẹ̀, ẹ má fún un ní nǹkan kan lẹ́nu, ì báà ṣe omi, ì báà ṣe àdín, ẹ̀dọ̀fóró ló máa gbà lọ. Àgbo ìtọ̀ màlúù yẹn ló wá burú jù, torí ó máa ń já ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ wálẹ̀, àwọn dókítà n'Ìbàdàn ti ń pariwo ẹ̀ láti bí àwọn ọdún 1970, ó sì ti pa ọmọ. Àwọn tó ń ti ẹsẹ̀ ọmọ bọná ńkọ́? Wárápá á lọ, àpá iná ò ní lọ.

Ká ní fóònù wí 8:19 tó ṣì ń gbọ̀n ni, mọ́tò ni mi ò bá máa wá, torí ìṣẹ́jú 5 ni òpin sùúrù. Bẹ́ẹ̀ náà ni tó bá tún gbé e kí ojú ẹ̀ tó wálẹ̀, tí kò bá mí dáadáa lẹ́yìn tó dáwọ́ dúró, tó bá jẹ́ pé inú omi ló ti gbé e, tó fara pa gidi, tàbí tó jẹ́ pé kò gbé e rí láyé ẹ̀. Aláboyún àti ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, ọsibítù tààrà.

Ti ọmọ yìí ò dé bẹ́ẹ̀. Ó sùn lórí ẹní ní ọ́fíìsì bí ogójì ìṣẹ́jú, mi ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni jí i, mo ṣáà ń wo bó ṣe ń mí. Nígbà tó jí, ó bi mí ta ló ni kádígáànì tó wà lábẹ́ orí òun. Mo ní tèmi ni. Ó rí itọ́ lára ẹ̀, ojú tì í, ó ní òun máa fọ̀ ọ́ wá. Mo ní kó fi sílẹ̀, kò gbọ́. Wẹ́sìdeè ló gbé e dé, ó ti lọ̀ ọ́ pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù, ó kó o sínú lailọ́ọ̀nù bí aṣọ ọjà.